Ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ni ilẹ̀kùn tì, oṣù Kejìlá ni mo dé

Akọka ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí géètì Yunifásítì Èkó. Fọtokọ́pì, ìwé títẹ̀ jáde, ìwé dídì fún àwọn ọmọ tó ń parí ẹ̀kọ́: ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Nígbà tí ọdún 2021 ń parí lọ, ẹ̀rọ fọtokọ́pì mi àtijọ́ dákú, kò sì jí mọ́. Ẹni tó máa ń bá mi tún un ṣe ní Ṣómólú tú u palẹ̀, ó wò ó títí, ó ní kí n má wulẹ̀ náwó sí i mọ́. Inú ìrònú yẹn ni mo wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn fi wọlé wá. Ó ní iléeṣẹ́ àwọn máa ń fi ẹ̀rọ tuntun háyà fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Àwọn ni wọ́n á máa kó tónà wá, àwọn ni wọ́n á máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ₦65,000 lóṣù ni tèmi.

Ó ní, "Màmi, ọdún kan péré ni. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó dá a padà fún wa."

Iwájú ìwé tó kó fún mi ṣe kedere: orúkọ mi, iye owó, oṣù méjìlá. Lẹ́tà ibẹ̀ tóbi, ó gún régé. Ojú ìwé mẹ́rin ló tẹ̀lé e, lẹ́tà wọn wẹ́ bí ẹ̀wà sèsé tí kòkòrò ti jẹ kù. Mo ṣí i pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́, mo rí i pé gẹ̀ẹ́sì lọ́yà ni, mo buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 nìyẹn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yẹn sọ́kàn, nítorí pé èmi ò fi wọ́n sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Gbogbo wa rò pé oṣù kan ni, bóyá méjì. Oṣù mẹ́jọ ló gbà. Ẹni tó bá mọ Akọka mọ ohun tí mò ń sọ: bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sí, kò sí ọjà. Ẹlẹ́ran sùúyà pàápàá kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Bàrígà. Mo jókòó ti ẹ̀rọ tuntun tó ń dán yànràn, mò ń san ₦65,000 lóṣooṣù lórí ohun tí kò tẹ ìwé ogún jáde lójúmọ́.

Ìparí oṣù Kẹrin ni mo pe ọmọkùnrin onítáì pé kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ san owó oṣù mẹ́sàn-án tó kù, ₦585,000, kí wọ́n tó gbé e. Mo bínú. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé abala kan máa ń wà nínú àdéhùn fún ohun tó bá kọjá agbára ẹ̀dá, ogun, omíyalé, ìyanṣẹ́lódì, pé kí n fi ìyẹn kojú wọn. Mo wá a, mo sì rí i lóòótọ́: ìyanṣẹ́lódì wà níbẹ̀ ní gbangba. Mo ti ń yọ̀ kí n tó ka gbólóhùn náà dópin. Iléeṣẹ́ ló dá láre bí wọn kò bá lè gbé tónà wá lásìkò. Ní ti owó tí oníbàárà gbọ́dọ̀ san, ó ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Mo pa ìwé dé, mo ń san owó mi lọ. Ó yẹ kí n ti ka gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn tí mo ti ṣí i, àmọ́ ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn kàwé.

Wọ́n fòpin sí ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Àwọn ọmọ padà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn, mo sì ti rí ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ kan ní Ṣómólú tí owó rẹ̀ kò tó owó háyà ọdún kan. Mo ṣe ìṣirò mi: oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún mi pé, màá fi sùúrù san án dé ibẹ̀, ká fi ayọ̀ pínyà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, mo tún pe ọmọkùnrin náà. Mo rò pé ọmọlúàbí ni mí, mo fún un ní ọ̀sẹ̀ méje gbáko.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. "Màmi, ẹ ti pẹ́. Ó ti wọ ọdún kejì."

Mo ní, "Ọdún kejì wo? Ọdún àkọ́kọ́ ò tíì tán!"

Ó ní kí n ka àdéhùn mi.

Kí n tó kà á, mo hu ìwà kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí. Mo lọ sí báǹkì mi ní Yábà, mo ní kí wọ́n dá owó tó ń lọ fún wọn lóṣooṣù dúró. Mo rò pé bí owó bá dúró, àdéhùn dúró nìyẹn. Rárá o. Àṣẹ tí mo fún báǹkì, èmi àti báǹkì ló wà láàárín wa. Gbèsè ń ga sí i lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ, èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì ń gorí ohun tí mo bá fi falẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà wọn dé ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2023, ₦65,000 ti di ₦68,250. Mo padà lọ bẹ báǹkì kí wọ́n ṣí i.

Ìgbà náà ni mo gbé ìwé lọ bá àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Ìgbóṣeré. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé wọn kí n tó dé, nítorí náà "Lọ́yà" ni mò ń pè é, mo sì ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní "Ìyàwó wa". Mo sọ gbogbo ohun tójú mi rí, ìyanṣẹ́lódì, báǹkì, ọmọ onítáì. Kò dá sí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé:

"Ìyàwó wa, ọjọ́ wo gan-an ni àdéhùn yìí bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní ọjọ́ tí mo buwọ́ lù ú, ọjọ́ 10. Ó mi orí. Ó ní kí n fi fáìlì PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí íméèlì hàn án, ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀, ó sì tẹ àpótí tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó wá `cancel`. Ó tẹ̀ ẹ́ láti tẹ́ mi lọ́rùn: kò sí ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn lọ́yà kì í sábà lo ọ̀rọ̀ yẹn fún irú àdéhùn báyìí, pé ẹni tó bá ń wá a á rò pé kò sí ọ̀nà àbájáde rárá. Ó wá kọ ohun tó yẹ kí n máa wá sórí ẹ̀yìn àpò ìwé kan, mo ṣì ní in lọ́wọ́ títí dòní:

```
commence
terminat
renew
unless
notice
```

Èkejì yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú ni, kó lè mú ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti kọ pé àdéhùn á máa tún ara rẹ̀ ṣe, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kékeré yẹn: àyàfi bí oníbàárà bá ṣe báyìí báyìí. Ó tún kìlọ̀ pé bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ya fọ́tò ìwé náà tí wọ́n sọ ọ́ di PDF, àpótí yẹn kò ní rí ohunkóhun nínú rẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Irú ìyẹn, àfi kéèyàn fi ojú ara rẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ibi mẹ́ta la ti rí ohun tí à ń wá, wọn kò sì sún mọ́ ara wọn. Nínú àlàyé ọ̀rọ̀ ní ojú ìwé kejì, wọ́n ní àdéhùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá to ẹ̀rọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàárà. Nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ 10, ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ni, ọdún náà sì pé ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 2023. Ní ojú ìwé kẹta, wọ́n ní bó bá ti pé, àdéhùn á tún ara rẹ̀ ṣe fún oṣù méjìlá mìíràn, àyàfi bí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì bá fún èkejì ní nótíìsì. Nótíìsì yẹn kò gbọdọ̀ dín ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí àdéhùn parí. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, lábẹ́ àkọlé tí ojú èèyàn á kàn fò kọjá, ni wọ́n ti sọ ohun tó ń jẹ́ nótíìsì: lẹ́tà lórí ìwé, tí wọ́n fi jíṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí tí akóléta gbé lọ sí olú ọ́fíìsì wọn. Ọjọ́ tí ó bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n á kà, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ọ́. Èyí tí akóléta bá gbé, lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n á kà á sí pé ó dé. Ìpè fóònù kò sí níbẹ̀. Wásáàpù kò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin onítáì kò sí níbẹ̀ rárá.

Lọ́yà gbé kàlẹ́ńdà orí tábìlì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má kà á láti iwájú. Ẹ̀yìn lẹ ti máa kà á bọ̀." Ó fi bírò sórí ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní. Láti ibẹ̀ padà sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kejìlá, ọjọ́ 23. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ní ọjọ́ 31, ó di 54. Ó ku mẹ́fà kó pé ọgọ́ta. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ó ka mẹ́fà sẹ́yìn, bírò rẹ̀ bọ́ sórí ọjọ́ 24.

"Ọjọ́ tí ọ̀nà àbájáde yín tì nìyí," ó ní. "Ìyókù, ẹ̀rọ ló kàn ń dúró dè yín."

Mo wo ọjọ́ náà. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ó jẹ́ ní ọdún 2022. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo pe ọmọ náà lórí fóònù, tí mò ń rò pé ọmọlúàbí ni mí. Ká tilẹ̀ ní mo pè é lóṣù Kẹsàn-án pàápàá, ìpè ni, kì í ṣe lẹ́tà.

Mo bi í pé ṣé ọgọ́ta ọjọ́ kì í ṣe oṣù méjì ni. Ó ní ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oṣù méjì, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ni ì bá jẹ́; wọ́n kọ ọgọ́ta ọjọ́, ó di ọjọ́ 24. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn lọ́tẹ̀ yìí. Bí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ bá wà láàárín, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn lọ́yà sì tún máa ń jiyàn lórí bóyá ọjọ́ tí lẹ́tà dé wà lára ìkà náà tàbí kò sí lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bọ́ sórí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn rárá. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Mo ní kí la fẹ́ ṣe báyìí, ṣé òfin kò lè gbà mí ni? Ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà wà, ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ fún oníbàárà ní èdè tó lè yé e, ó sì lòdì sí àdéhùn tó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ. Mo lè kọ̀wé sí FCCPC, tàbí sí LASCOPA ti ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ fún mi: ọgọ́ta ọjọ́ nínú àdéhùn ọdún kan, òun ò lè fi dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni á pè é ní ìrẹ́jẹ, nígbà tí ojú ìwé mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi tí mo buwọ́ lù. Owó oṣooṣù á sì máa ká lọ bí ẹjọ́ bá ń lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn.

Iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ tún ní àwọn fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí mi nínú oṣù Kẹwàá. Mo ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Íméèlì ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ sójú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ mi kan ló ṣí i, òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ó sì ti gba òmìnira lọ sí Ìbàdàn láti oṣù Kẹfà. Nótíìsì ń rìn síhà méjèèjì, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn tèmi pa. Mo kọ lẹ́tà kí wọ́n pààrọ̀ àdírẹ́sì náà sí tèmi gan-an.

Ìbínú tún mú mi ṣe àṣìṣe kan sí i. Mo ní ó dára, bí wọ́n bá fẹ́ nótíìsì, màá fún wọn ní nótíìsì tó kún fún ọjọ́. Nínú oṣù Kejì 2023, nígbà tí gbogbo Èkó ń tò sí báǹkì nítorí owó náírà tuntun tí kò sí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ₦50 láti fi ṣe fọtokọ́pì, mo kọ lẹ́tà pé nígbà tí ọdún kejì bá pé, mi ò ṣe mọ́. Ó ku oṣù mọ́kànlá. Ta ló tún máa sọ pé mo pẹ́?

Wọ́n dá mi lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ó yá jù. Mo pariwo. Mo sáré padà sí ojú ìwé kẹta, mo sì rí ìdajì gbólóhùn tí èmi àti Lọ́yà kò fi bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọdún tó ti kọjá là ń bá yí nígbà náà. Nótíìsì kò gbọdọ̀ dín ní ọgọ́ta ọjọ́, kò sì gbọdọ̀ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Fèrèsé ni wọ́n ṣí, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bí mo bá ju òkúta kó tó ṣí, ara ògiri ló bà. Nígbà tí mo fi fóònù sọ fún Lọ́yà, ó ní òun náà kà á kọjá, ó tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ràn pé kò ṣe àwáwí.

Mo wá gbé kàlẹ́ńdà tèmi sílẹ̀. Ọdún kejì máa pé ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ọgọ́ta ọjọ́ sẹ́yìn, ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2023, ọjọ́ Furaidé. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ sẹ́yìn, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá. Mo fi bírò pupa kun gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín wọn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà gan-an, lókè ibi tí wọ́n ti ń kó ìwé sí. Àwọn oníbàárà rò pé ọjọ́ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mo mú ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, Mọ́ńdè. Lẹ́tà náà kò gùn. Nọ́ńbà àdéhùn wà lókè, nọ́ńbà abala tí mo fi ń fún wọn ní nótíìsì, pé mi ò fẹ́ kí àdéhùn tún ara rẹ̀ ṣe, pé ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní 2024 ló parí, àti pé kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé ẹ̀rọ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ASUU níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Lọ́yà ní ìdí tí mo fi ń lọ kò kàn wọ́n, pé bí mo bá rò ó, wọ́n á rí ohun tí wọ́n á fi fà mí sẹ́yìn. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀, lórí ẹ̀rọ wọn náà.

Mo wọ dáńfó láti Yábà, a gba Third Mainland Bridge, mo sọ̀ ní CMS, mo rìn wọ Broad Street. Géètì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n ju lẹ́tà sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ṣe. Mo ní lẹ́tà mi kì í ṣe ti àpótí. Mo gòkè lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, ó fi ẹ̀dà méjèèjì sínú fáìlì kan.

Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀kan ni tiyín. Ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sórí èkejì, màá mú un lọ."

"Ọ̀gá tó ń mójú tó o ò tíì dé, Mà. Ẹ fi sílẹ̀, a máa pè yín."

"Mi ò ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí pé ó dé ni."

Ó wò mí, ó wo lẹ́tà, ó wọ inú lọ. Mo jókòó. Mo gbé èso tí mo rà ní CMS jáde, mo fi pamọ́ padà nítorí ibi tí mo wà. Ó tó wákàtí kan kó tó jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lù ú. Mo wo ojú rẹ̀: ọjọ́ 2 ló gbé jáde. Wọn kò tíì yí òǹtẹ̀ náà láti Tọ́sìdeè tó kọjá. Ẹlòmíràn á ní ó kúkú yá sí i, ọjọ́ 2 wà nínú fèrèsé náà. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní ohun kan tí kò tọ̀nà lára, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á sọ pé kò tọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi bírò kọ ọjọ́ 6 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aago tó lù, orúkọ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ó ṣe é. Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, kí n tó kúrò níwájú tábìlì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 14, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n so ó rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo kàn rẹ́rìn-ín nìkan. Ìyanṣẹ́lódì kan ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ rí, kì í ṣe òmíràn ni màá fi ọjọ́ tó gbẹ̀yìn dúró dè.

Ó ku abala kan tó lè tún gbá mi mú, mo sì ti kà á lọ́tẹ̀ yìí: bí ẹ̀rọ bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ọjọ́ tí àdéhùn parí, owó oṣù á ṣì máa ká, láìka ẹni tó fa ìdádúró sí. Nítorí náà mo kọ lẹ́tà kejì ní ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní pé ẹ̀rọ wà ní sẹpẹ́, ṣọ́ọ̀bù á wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́jọ. Èyí náà gba òǹtẹ̀, ọmọbìnrin kan náà ló lù ú. Ó ti mọ̀ mí, ó kọ aago sí i kí n tó sọ.

Ọjọ́ 23, ọjọ́ Túsìdeè, títí di aago mẹ́ta ọ̀sán kò sẹ́ni tó dé. Mo tẹ nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni ọkọ̀ wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin méjì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ wà ní Oníìpànù. Kí wọ́n tó yọ wáyà rẹ̀, mo ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀, iye ìwé tó ti tẹ̀ láti ìgbà tó dé, mo sì kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n mú wá, pé kò sí ibi tó fọ́, pé ọjọ́ 23 ni. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn kì í fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ló kù lórí táìlì, àti kàlẹ́ńdà tí wọ́n já kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n jù sílẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú ìwé háyà ṣọ́ọ̀bù náà jáde. Mi ò tíì ka ojú ìwé kẹta rẹ̀ rí.